Ṣé ‘ana’ lè jẹ́ àná, kó tún jẹ́ ọ̀la?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi ṣètò ìdána ọmọ rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ̀wé sí mi lórí Wásáàpù, èmi ni mo sì ń kọ ètò náà jáde ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Ẹnì kan sọ fún mi pé ‘ana’ lè jẹ́ àná, ó sì lè jẹ́ ọ̀la, pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe lọ lèèyàn fi ń mọ̀. Lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi tó wọlé láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wàrà 2025, rèé: “A ti sanwo aga nijeta. O ye ki won ko o wa lana. Onilu ni oun maa wa lana. Oko isu de loru ana. Awon ana maa de lotunla.” Ọjọ́ wo ni kí n kọ sí ìkọ̀ọ̀kan?

Ìdáhùn: Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ṣì yín lọ́nà. Àná kì í jẹ́ ọ̀la. Èdè tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́: ní Híńdì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kal, ni wọ́n ń lò fún àná àti ọ̀la, ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá tẹ̀ lé e ló ń sọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn. Tiwa kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá fúnra rẹ̀ kì í yí padà. “Lọ” ni lọ, ì báà jẹ́ èṣí, ì báà jẹ́ àmọ́dún. Àwọn wúńrẹ̀n kéékèèké bíi ti, ń àti máa, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọjọ́, ló ń gbé ẹrù àkókò fún wa. Bí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà bá tún wá ń yí bí ọ̀gà, kí la máa dì mú?

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó da ẹni náà láàmú. Ẹ wo gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú lẹ́tà yẹn, “Awon ana maa de lotunla.” Ana wà níbẹ̀, máa wà níbẹ̀, ọ̀túnla náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá rí àmì ohùn á sọ pé, “Ẹ ò rí i, ana ti di ọjọ́ iwájú.” Kò di nǹkan kan. Àwọn àna ni wọ́n kọ, ìyẹn ìdílé ọkọ ìyàwó. Ohùn ìsàlẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ àwọn méjèèjì. Ìparí ló yà wọ́n. Àná tó jẹ́ ọjọ́ gòkè níparí, àna tó jẹ́ ẹbí ìgbéyàwó dúró láàárín. Inú àna yìí náà ni ìdána tí ẹ ń ṣètò rẹ̀ ti wá, nítorí dídá àna ni. (Ẹ ṣọ́ ìyẹn náà bí wọ́n bá kọ ọ́ láìfàmì sí i: “won ti dana” lè jẹ́ pé wọ́n ti san nǹkan orí ìyàwó, ó sì lè jẹ́ pé àwọn alásè ti dáná.)

Níwọ̀n bí ẹ̀gbọ́n yín kò ti ní fàmì sọ́rọ̀ lórí fóònù, àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ni kí ẹ máa wò. “Lana” tó dá dúró níparí gbólóhùn, lánàá ni, ní àná. “Awon ana”, “ana wa”, “ana mi”, èèyàn ni wọ́n, kì í ṣe ọjọ́. “Ale ana”, “aaro ana”, “oru ana”, ọjọ́ ni. Èyí tó lè dàrú díẹ̀ ni tí ana bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn: “Ana ni won de” jẹ́ àná ni wọ́n dé, “Ana ni won” sì jẹ́ àna ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà lẹ́yìn “won” nínú àkọ́kọ́ ló tú àṣírí. Ẹ kàn ka gbogbo rẹ̀ sókè kí ẹ tó kọ ohunkóhun, etí yín á mọ̀ ọ́n ṣáájú ojú.

Ibi kejì le ju ti ohùn lọ, ibẹ̀ sì ni mo ti rí àwọn tó gbọ́ Yorùbá dáadáa tí wọ́n ṣe àṣìṣe. “Ó yẹ kí wọ́n kó o wá lánàá.” “Ó yẹ kí” kò sọ ìgbà kankan fún wa; “ó yẹ kí n wá lọ́la” dára, “ó yẹ kí n wá lánàá” náà dára. Ẹni tó ń túmọ̀ á kàn rò pé ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀, á wá ti ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14, ni àdéhùn àga, àga kò sì dé. Àròyé ni gbólóhùn yẹn, kì í ṣe ètò. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú àtẹ bí ohun tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa pe ẹni tó ni àga náà kó tó pẹ́ jù.

Ti onílù wá burú jù lọ: “Onílù ní òun máa wá lánàá.” Níhìn-ín, òótọ́ ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe lọ la fi ń mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtumọ̀ àná là ń wá. Ohun tí a kò mọ̀ ni ìṣe tí àná so mọ́. Bí ó bá so mọ́ “ní”, a jẹ́ pé àná ni onílù sọ̀rọ̀, ìgbà tó máa wá kò sì sí nínú lẹ́tà rárá. Bí ó bá so mọ́ “máa wá”, a jẹ́ pé onílù ti ṣèlérí tẹ́lẹ̀ pé òun á dé lánàá, ẹ̀gbọ́n yín sì ń sọ fún yín pé kò yọjú. Lẹ́nu, ìdánudúró díẹ̀ ṣáájú lánàá á jẹ́ ká mọ̀. Nínú ìwé, kò sí ohun tó máa sọ fún wa. Ẹni tó bá fẹ́ kó yé gbogbo ayé á gbé e síwájú: “Àná ni onílù sọ pé òun máa wá.” Ẹ má bá wọn méfò. Ẹ bi wọ́n.

Ó ku ìjẹta, tí ẹ ò tilẹ̀ béèrè ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ rẹ̀, èmi sì rò pé òun ló máa dà yín sí wàhálà ju ana lọ. Ẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló ń mú kí wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn: òní jẹ́ ọ̀kan, àná jẹ́ èjì, ìjẹta jẹ́ ẹ̀ta. Gẹ̀ẹ́sì kì í ka òní, nítorí náà méjì ni tiwọn, ìjẹrin wa ló sì jẹ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú òwe tó ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àrún ló wà lẹ́nu, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọjà ọrún ń ná bí ẹ bá fi kàlẹ́ńdà kà á. Ìtàdógún náà, èyí tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tàdínlógún, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín ìpàdé kan àti èkejì. Èmi fúnra mi ti jìyà rẹ̀ rí. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ awakọ̀ kan níbi iṣẹ́ tí mo ti ṣe nígbà kan, mo kọ ìjẹta ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ọjọ́ tí mo kọ sì yàtọ̀ sí ti rìsíìtì epo ọkọ̀ rẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ọkùnrin náà ní onírọ́.

Torí náà, láti Ọjọ́rú, níjẹta jẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 13. Lọ́túnla jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 17.

Ti ọkọ̀ iṣu ń fẹ́ sùúrù. Bí Yorùbá bá sọ “lóru àná” láàárọ̀, òru tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ yìí ni, bí a ti ń rò ó ni pé òru jẹ́ ti ọjọ́ tó ṣú sínú rẹ̀. Aago kò mọ ìyẹn. Bí ọkọ̀ náà bá dé ní aago mẹ́wàá alẹ́, ọjọ́ 14 ni. Bí ó bá jẹ́ aago méjì òru, ọjọ́ 15 ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àná ni ẹ̀gbọ́n yín pè é, wọn ò sì purọ́. Ẹ béèrè aago. Mo fi aago méjì sí i nísàlẹ̀ kí ẹ lè rí bó ṣe máa rí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má jẹ́ kí àná tàbí ọ̀la wọ inú àtẹ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé ẹni tó sọ ọ́ ni wọ́n. Alásè tó bá ka àtẹ yín lọ́jọ́bọ̀ á ka àná tirẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n yín. Orúkọ ọjọ́ àti nọ́ńbà ni kí ẹ kọ:

```
Mon 13 Oct  Chairs paid for
Tue 14 Oct  Chairs due - not delivered
Wed 15 Oct  Yam truck arrived, 2 am
Fri 17 Oct  In-laws arrive
Date?       Drummer - to confirm
```

Ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ ni kí ẹ máa kà láti ibẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ṣí i. Bó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ta á látaré sí yín, pàápàá ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, aago tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n ta á, kì í ṣe ti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀. Àná inú irú rẹ̀ lè ti di ìjẹrin. Ẹ bi ẹni tó ta á ní ọjọ́ tí ó gbà á.

Ìpè kan ṣoṣo ti tó fún ìyókù. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ wá sọ pé: “Ẹ̀gbọ́n, onílù yẹn, ṣé àná ló sọ̀rọ̀ ni, àbí àná ló yẹ kó dé?” Bí wọ́n bá pòṣé kí wọ́n tó dáhùn, ẹ ti mọ èyí tó jẹ́.