“Ẹ má sọ fún Bàbá”

Ìbéèrè: Dókítà, jẹjẹrẹ ìfun tó ń ṣe bàbá wa ti tàn dé ẹ̀dọ̀. Àwa ọmọ nìkan ni wọ́n sọ fún pé kò sí ìwòsàn mọ́. A bẹ dókítà wọn pé kó sọ fún Bàbá pé ọgbẹ́ inú ni, torí ẹ̀rù lè pa wọ́n kí àrùn tó pa wọ́n. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ fún wa?

Ìdáhùn: Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ láti purọ́. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti da ọ̀rọ̀ náà bo Bàbá lórí bí wọn ò bá fẹ́ gbọ́. Kó tiẹ̀ tó dé orí ìyẹn, ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún yín láìtíì bi Bàbá léèrè ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ara wọn ni àìsàn náà wà.

Ohun tí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe kì í ṣe tuntun sí àwa dókítà. Ní 1961, wọ́n bi dókítà 219 ní Chicago léèrè, bí 90 nínú 100 wọn sì ní àwọn kì í sábà sọ fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ. Nígbà tí wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ní 1979, 97 nínú 100 ló ní àwọn máa ń sọ. Oògùn ti pọ̀ sí i láàárín ìgbà yẹn, ó sì ti hàn pé ẹni tó máa gba ìtọ́jú tó le gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń gbà á fún, kó tó lè ní òun gbà tàbí òun ò gbà.

Mo rí ohun tí irọ́ yìí ń ṣe lára ìyá kan tí mo tọ́jú. Ọgbẹ́ inú náà ni àwọn ọmọ wọn ní ká pe jẹjẹrẹ tó ń ṣe wọ́n. Ìrora ò jẹ́ kí wọ́n sùn, bẹ́ẹ̀ a ń fún wọn lóògùn ìrora déédéé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì tó ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì bá hóró oògùn mẹ́sàn-án lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìyá ní ṣebí àwọn gbọ́ pé oògùn ìrora ń dá kún ọgbẹ́ inú. Wọn ò ṣì í gbọ́: ọ̀pọ̀ oògùn ìrora ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Irọ́ wa ni wọ́n fi ọgbọ́n tẹ̀ lé.

Mo fa àga sún mọ́ wọn, mo ní, “Ìyá, kí lẹ̀yin fúnra yín rò pé ó ń ṣe yín? Àwọn kan máa ń fẹ́ mọ gbogbo rẹ̀, àwọn mìíràn á ní ká máa bá ọmọ àwọn sọ ọ́. Èwo lẹ fẹ́?” Wọ́n wo ọwọ́ wọn tó ti pọ́n rúsúrúsú, wọ́n ní, “Ọgbẹ́ inú wo ló ń ṣe ara báyìí? Ẹ sọ ọ́.” Gbólóhùn méjì ni mo fi sọ ọ́, mo sì dákẹ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n wá béèrè ni pé, “Ṣé mo lè máa lo oògùn yẹn, àbí?” Wọ́n sùn mọ́jú lóru ọjọ́ náà. Ọmọ wọn àgbà ò kí mi fún ọjọ́ méjì.

Bí bàbá yín bá dáhùn pé, “Ẹ máa bá àwọn ọmọ mi sọ ọ́,” ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Wọ́n ti yàn fúnra wọn. Dókítà á kọ ọ́ sínú fáìlì, á sì tún bi wọ́n nígbà tí ìtọ́jú bá fẹ́ yí padà, torí ọkàn èèyàn ń yí. Bí iyè wọn bá ti ra débi pé ọ̀rọ̀ ò yé wọn mọ́, tàbí tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn á pa ara àwọn, ìyẹn yàtọ̀. A lè dá a dúró ná. Ìbànújẹ́ nìkan kò tó láti fi dá a dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sunkún, ọkàn wọn ò ní balẹ̀ fọ́jọ́ mélòó kan, ara á sì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí wọn ò jẹun, tí wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ sọ fún wa, torí ìyẹn náà ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà náà, kí ẹ ní kó bi Bàbá ní irú ìbéèrè tí mo bi Ìyá yẹn, kí ọ̀kan nínú yín wà níbẹ̀. Kí ẹni náà má bá Bàbá dáhùn. Bí wọ́n bá sì bi yín nílé kó tó dìgbà náà pé, “Kí ni dókítà ní ó ń ṣe mí gan-an?”, ẹ má sọ pé kò sí nǹkan kan. Ẹ bi wọ́n pé kí ni àwọn rò pé ó jẹ́, kí ẹ sì tẹ́tí.