Ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹni tó ń lo oògùn tíbì

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí nọ́ọ̀sì fi ń dúró wo bùrọ̀dá mi kó gbé oògùn tíbì mì, tí wọ́n tún ní ká kó àwọn ọmọ wá fún àyẹ̀wò?

Oṣù 6 ni oògùn yẹn, ara sì máa ń yá kó tó pé oṣù 2. Oògùn 4 ni wọ́n ń lò pọ̀ fún oṣù 2 àkọ́kọ́, ó wá ku 2 fún oṣù 4 tó kù, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń já a sílẹ̀ torí ikọ́ ti lọ, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, tó bá wá ń lò ó lónìí tó ń fo ọ̀la, àwọn kòkòrò tí oògùn ò ká ló máa ṣẹ́ kù tí wọ́n á máa pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń dúró wò ó. Tí ikọ́ bá padà, ẹ̀rọ tó ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò á sọ láàárín nǹkan bíi wákàtí 2 bóyá rifampisíìn, ọ̀kan nínú oògùn 4 yẹn, ò ká kòkòrò náà mọ́, oògùn míì ló kàn nìyẹn.

Ní ti àwọn ọmọ, kòkòrò lè wà lára wọn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ẹ rí i pé wọ́n kọ́kọ́ bi yín nípa ikọ́, ibà, òógùn òru àti rírù o, torí tí wọ́n bá fún ọmọ tí tíbì ti mú gan-an ní aisoniásìdì tí wọ́n fi ń dènà tíbì nìkan, kòkòrò ẹ̀ lè borí oògùn náà.