Ohun tó ń mú kí àpótí wó palẹ̀ tí àwòrán inú rẹ̀ bá ní float, àti bí a ṣe ń gbé e dìde

"Mo kó àwòrán aṣọ òfì sínú àpótí kan, mo fún wọn ní `float: left`. Àpótí yẹn wá wó palẹ̀, bọ́dà rẹ̀ di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ sì gòkè wá jókòó ti àwọn àwòrán. Kí ló fà á, kí ni mo lè ṣe sí i?"

Ẹ má fọwọ́ kan àwọn àwòrán yẹn. Àpótí tó gbé wọn ni kí ẹ tún ṣe:

```css
.oja {
  display: flow-root;
}
```

`.oja` ni mo pe àpótí ìta níbí, ẹ fi orúkọ tiyín sí i. Ẹ tọ́jú fáìlì, ẹ tún ojú ewé ṣí, bọ́dà yóò sì yí gbogbo àwòrán ká.

Ohun tó fà á nìyí. Àpótí tí a kò bá dá gíga fún, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa ń wọ̀n kó tó mọ ibi tí òun yóò ga dé. Àwòrán tó bá ti gba `float` kò sí lára ohun tí yóò wọ̀n mọ́. Kì í ṣe pé búráúsà ṣàṣìṣe o, ìlànà CSS gan-an ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ lè ṣàn yí àwòrán ká bíi ti ìwé ìròyìn ni wọ́n ṣe dá `float` sílẹ̀ láti 1996. Tí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ bá kúrú ju àwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ìpínrọ̀ kejì gbọ́dọ̀ lè máa bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán kan náà. Ká ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ní láti na ara rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àwòrán ni, àlàfo gbọọrọ ni ì bá wà láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tó dára fún ìpínrọ̀ yìí ló ń pa àpótí tiyín lára, torí àwòrán nìkan ló wà nínú rẹ̀. Tí gbogbo wọn bá ti gba `float`, òdo ni gíga inú àpótí. Bọ́dà àti `padding` nìkan ló kù tí ẹ ń rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí nìyí: ìmọ̀ràn tí àwọn tó yẹ kó mọ̀ máa ń fún èèyàn. Mo ṣe ojú ewé kan fún àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò Dada ní Òkèlele, níbí ní Ìlọrin. Àwòrán ìkòkò mẹ́rin ló wà nínú àpótí kan, àpótí sì wó palẹ̀ bíi tiyín. Olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí mo sanwó fún wò ó, kò béèrè nǹkan kan, ó ní kí n kọ `height: 240px` sí àpótí náà, ó parí. Lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó parí lóòótọ́. Inú àpótí fẹ̀ tó 960px, àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ 220px ní ìbú àti ní gíga, pẹ̀lú àlàfo 20px lápá ọ̀tún àti nísàlẹ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 240px, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tò sórí ìlà kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n fóònù ni àwọn oníbàárà fi ń wò ó. Lórí fóònù tó fẹ̀ ní 360px, tí a bá yọ `padding` 16px lọ́tùn-ún lósì, 328px ló kù. Àwòrán méjì kò lè gba ibẹ̀, nítorí náà wọ́n to ara wọn lọ sísàlẹ̀, ìlà mẹ́rin, 960px lápapọ̀. Àpótí sì dúró sí 240px tí wọ́n dè é mọ́. 720px tó ṣẹ́kù tú dà sórí apá tó tẹ̀ lé e, níbi tí nọ́ńbà fóònù àwọn ìyá yẹn wà. Nítorí pé `float` máa ń ti ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, 88px péré ló kù fún ọ̀rọ̀ láti dúró sí. Nọ́ńbà náà gé sí ìlà mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, àwọn èèyàn rò pé nọ́ńbà mẹ́ta ni. Oníbàárà ń lọ, àwọn ìyá ń bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, olùkọ́ yẹn sì ń sọ pé fóònù àwọn èèyàn ni kò dára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi `height` tún àpótí tó wó palẹ̀ ṣe, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Ìgbà tí `flow-root` dé orí àpótí yẹn tí `height` kúrò, inú rẹ̀ di 240px lórí kọ̀ǹpútà, ó di 960px lórí fóònù, kò sẹ́ni tó bá a kà á. Ohun tí `flow-root` ń ṣe ni pé ó sọ àpótí di àyè àdáni. Ohun tó bá léfòó nínú irú àyè bẹ́ẹ̀ kò lè tú jáde, ìlànà sì ní kí àpótí na ara rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ wọn, pẹ̀lú `margin` wọn.

`overflow: hidden` náà ń dá irú àyè yìí sílẹ̀, òun ló fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ó máa ń gé ohunkóhun tó bá yọ kọjá etí àpótí, bí òjìji `box-shadow` tàbí mẹ́nù tó ń já sísàlẹ̀. Èèyàn á wá máa wá ibi tí mẹ́nù rẹ̀ wọlẹ̀ sí.

Ẹ tún ṣọ́ra: tí àpótí yín bá ti ní `display: flex` tẹ́lẹ̀, `flow-root` yóò pa á rẹ́, torí `display` kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Nínú `flex` sì rèé, `float` àwọn àwòrán kò jẹ́ nǹkan kan. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yí àwòrán ká, tó jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ tò wọ́n ni, ẹ yọ `float` kúrò, kí ẹ lo `flex` pẹ̀lú `flex-wrap: wrap`.

Ó ku ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní `clearfix`. `flow-root` wọ Chrome 58 àti Firefox 53 ní 2017, Safari kò gbà á títí di ẹ̀dà 13 ní 2019. Tí fóònù àtijọ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín, ẹ lo èyí:

```css
.oja::after {
  content: "";
  display: block;
  clear: both;
}
```

Ó ń fi ohun òfìfo kan sí òpin àpótí, ohun náà kò gbà láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó léfòó, ó bọ́ sísàlẹ̀ wọn, ó sì fa àpótí tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ẹ má gbàgbé `content` o, láìsí i, kò sí nǹkan kan tí yóò hàn.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò dá àyè àdáni sílẹ̀. Tí mẹ́nù gígùn kan bá wà lápá òsì ojú ewé tí òun náà ní `float`, `clear: both` yóò sá fún mẹ́nù yẹn pẹ̀lú. Mẹ́nù tó ga ní 600px yóò mú kí àpótí àwòrán 240px na ara rẹ̀ dé 600px bí wọ́n bá jọ bẹ̀rẹ̀ lókè. Tí ẹ bá rí àlàfo ńlá lábẹ́ àwọn òfì yín lẹ́yìn `clearfix`, ẹ tẹ Inspect, kí ẹ wo bóyá ìsàlẹ̀ àpótí bá ìsàlẹ̀ mẹ́nù dọ́gba. Tó bá dọ́gba, ẹ yọ `clearfix`, kí ẹ padà sí `flow-root`.