Owó ọjà: káàṣì ni àbí tiránsífà?

"Mo ń ta ẹ̀wà àti ìrẹsì ní àpò-àpò fáwọn alárobọ̀ ní Iléṣà. Ẹ̀rù gbígbé owó rìn ń bà mí, mo sì fẹ́ kí àkọsílẹ̀ mi mọ́. Ṣé kí n máa san káàṣì fáwọn tí mò ń rajà lọ́wọ́ wọn ni àbí kí n máa ṣe tiránsífà?"

Ẹ kú ọrọ̀ ajé o. Tiránsífà ni kẹ́ ẹ máa fi san owó ọjà, ẹ fi káàṣì sílẹ̀ fún owó mọ́tò àti tàwọn alábàárù. Ẹ̀wà lèmi náà ń tà níbí, tẹ́lẹ̀ ńṣe ni mo máa ń di owó sínú láílọ́ọ̀nù dúdú wọ mọ́tò lọ Bódìjà n'Íbàdàn, ọkàn mi ò sì ní balẹ̀ títí mà á fi débẹ̀. Olè ò jà mí rí, ibòmíì ni ìyà ti jẹ mí. Lọ́jọ́ kan màmá tí mò ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀ ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, mo ka 400,000 náírà lé ọmọ tó ń bá a tajà lọ́wọ́, mi ò gba rìsíìtì torí a ti mọra tipẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ màmá ní 250,000 ló dọ́wọ́ òun, ọmọ náà sì ti lọ. Kí ni mo fẹ́ fi hàn? Mo tún san 150,000.

Tẹ́ ẹ bá ti ń ṣe tiránsífà, ibi tí wọ́n kọ Narration sí, ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo, ẹ kọ "Ewa apo 6, risiti 214" síbẹ̀, torí tó bá di oṣù mẹ́ta sí i, orúkọ àti iye owó nìkan ò ní rán yín létí ọjà tẹ́ ẹ sanwó ẹ̀. Orúkọ tó bá jáde lórí nọ́ḿbà àkáǹtì, ẹ kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ PIN. Tí wọ́n bá fi mẹ́sééjì sọ pé àwọn ti pààrọ̀ àkáǹtì, ẹ pe nọ́ḿbà fóònù tẹ́ ẹ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má pe èyí tó wà nínú mẹ́sééjì yẹn o.

Ohun tó máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ pé káàṣì làwọn fẹ́ ni pé owó lè kúrò lọ́dọ̀ yín kó má tètè débẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ Fúráìdé kan, 310,000 ti kúrò, mọ́tò ti ń dúró, màmá ní òun ò rí nǹkan kan. Mi ò fi òmíì ránṣẹ́, ẹ̀yin náà ẹ má dán an wò, torí tí méjèèjì bá padà wọlé, ọwọ́ wọn lẹ ó máa wò. Mo ṣí rìsíìtì tiránsífà yẹn lórí fóònù, mo da Session ID ibẹ̀ kọ, nọ́ḿbà gígùn tó ní díjíìtì 30 ni, mo fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n mú un lọ báńkì wọn, òun ni wọ́n fi wá owó náà, ó wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Látìgbà yẹn, mo máa ń san tèmi ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo máa lọ kó ẹrù.

Ẹni tó bá ṣì fi dandan lé káàṣì, ẹ gba owó náà ní báńkì tó sún mọ́ ọjà wọn, kì í ṣe Iléṣà lẹ ó ti gbé e. Ẹ jẹ́ kí olówó ọjà fúnra ẹ̀ kọ iye tó gbà àti iye tó kù, kó buwọ́ lù ú lójú yín, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n di àpò kankan sẹ́yìn mọ́tò.