"À ń rí jẹ, kò sí èrè": kí ni àwọn alágàrí Kétu ń sọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Kétu níbí, bí mo bá bi àwọn ìyá tó ń yan gàrí léèrè ọjà, wọ́n á ní "À ń rí jẹ, kò sí èrè." Síbẹ̀ wọn ò kúrò nídìí agbada. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa?

Ìdáhùn: Wọn ò purọ́ o. Wọ́n ti yọ owó iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn kúrò kí wọ́n tó ní kò sí èrè.

Ká ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní láti ọjà dé ọjà, ìyá kan ra ẹ̀gẹ́ 15,000 fránkì, ó san 2,000 fún ẹ̀rọ tó rin ín, igi ìdáná àti owó ọkọ̀ sì jẹ́ 3,000. Ó rí 100 tóńgólò gàrí, ó tà á ní 300 ọ̀kọ̀ọ̀kan. 30,000 wọlé, 20,000 jáde, 10,000 kù sí i lọ́wọ́. Ká ní bó bá lọ bá ẹlòmíràn yan gàrí, wọn ìbá san 4,000 fún un, bó bá sì yá èèyàn ní agbada rẹ̀, á tún rí 1,000. 5,000 yẹn kì í ṣe èrè, owó ọ̀yà ni, òun ló ń san án fún ara rẹ̀. 5,000 yòókù nìkan ni èrè.

Èrè yẹn kì í pẹ́. Ta ló ń gba ìwé àṣẹ kó tó yan gàrí? Aládùúgbò rí i, òun náà dá iná tirẹ̀. Gàrí pọ̀ lọ́jà, tóńgólò bọ́ sí 280, ó bọ́ sí 260. Nígbà tó dé 250, 25,000 ló ń wọlé, 5,000 ló kù, gẹ́lẹ́ iye tí ibòmíràn ìbá fún un. "À ń rí jẹ" nìyẹn. Ẹni tuntun ò rídìí tó fi máa wọlé, ẹni tó wà níbẹ̀ ò sì rídìí tó fi máa jáde.

Bó bá já sí 245 ńkọ́? Wọn ò ní kúrò lọ́jọ́ náà, torí agbada ti wà nílẹ̀, bí ẹni tó máa yá a ò bá sì sí mọ́, 4,500 tó kù ṣì ju 4,000 tí wọn ìbá san fún un níbòmíràn lọ. Ẹni tí agbada rẹ̀ bá lu ni kò ní ra òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ gàrí á dín lọ́jà, owó rẹ̀ á tún gòkè. Nítorí náà, ẹ má fi owó ọjà kan ṣoṣo dájọ́. Ẹ wò ó bóyá iná ń pọ̀ sí i tàbí ó ń kú. Bí àwọn tó ń yan án bá sì pọ̀ débi pé ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ wọ́n, tóńgólò ò ní dé 250 kí èrè tó tán.

Àríyànjiyàn máa ń wà lórí ìyá tó ń wa ẹ̀gẹ́ lóko ara rẹ̀. Wọ́n á ní tirẹ̀ yàtọ̀, èrè rẹ̀ pọ̀, kò ra ẹ̀gẹ́. Èmi ò gbà. Ì bá ti ta ẹ̀gẹ́ yẹn ní tútù ní 15,000, kó má fọwọ́ kan agbada rárá. Oko ló pa owó yẹn wá fún un, kì í ṣe gàrí.