Ọ̀mì ẹlẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ṣẹ́ẹ̀sì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ní Ìkẹ́rẹ́ níbí pé tí mo bá ti gbé ọba lọ gbé e bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀mì ni. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni, àbúrò mi. Ó sì ń bí mi nínú, torí àwọn tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ṣẹ́ẹ̀sì ní Adó-Èkìtì náà ń sọ ọ́. Ìrìn kọ́ là ń kà o, bí ojú pátákó ṣe rí là ń kà.

Wò ó: funfun gbé ẹṣin láti g1 lọ sí f3, dúdú gbé tiẹ̀ láti g8 lọ sí f6, àwọn méjèèjì dá a padà. Kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ẹṣin jáde, síbẹ̀ ojú pátákó ìbẹ̀rẹ̀ ti wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí ẹ̀kínní ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan.

Kò sì pọn dandan kó tẹ̀léra. Lọ́dún 1971 ní Buenos Aires, nínú ayò kẹta àwọn ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì méjì, Fischer àti Petrosian, ayaba Fischer dé e2 ní ìrìn 30, 32 àti 34. Ohun tí dúdú ń gbé láàárín yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ojú pátákó kan náà ló ń padà wá, ó sì di ọ̀mì.

Ẹni tó kàn láti gbé gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan náà, ẹ̀tọ́ tó wà nílẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ yí. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ kan nawọ́ pé ọ̀mì ti dé, adájọ́ sì ní rárá. Nígbà àkọ́kọ́, ọba rẹ̀ ò tíì kúrò ní e1, ó ṣì lè bá rúùkù ṣe pàṣípààrọ̀ àyè. Ó gbé e lọ sí e2, ó dá a padà: ẹ̀tọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Ojú rí i pé ó jọra, òfin ní kò jọra.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí: ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀mì yìí kì í dédé wá, o máa béèrè rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ìrìn tìrẹ ló máa sọ ọ́ di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, má fọwọ́ kan ọmọ ayò. Kọ ìrìn náà sínú ìwé rẹ, dá aago dúró, pe adájọ́. Tó bá jẹ́ alátakò ló mú un wá, béèrè kí o tó gbé tìrẹ. Tí o bá gbé e, àǹfààní ọjọ́ náà ti bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, àfi tó bá tún padà wáyé. Ìgbà tó bá di ẹ̀ẹ̀marùn-ún nìkan ni kò nílò ìbéèrè.

Ọ̀mì ti ìrìn 50 náà, wọ́n ń béèrè rẹ̀ ni: kí oníkálukú ti rin 50 láìgbé pọ́ọ̀nù, láìpa ọmọ kankan. Ní 75, adájọ́ fúnra rẹ̀ á dá a dúró. Ti ọba tí wọn ò halẹ̀ mọ́, àmọ́ tí olówó rẹ̀ ò rí ibi kankan gbé ohunkóhun sí, ojú ẹsẹ̀ ni ayò parí sí ọ̀mì.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò kọ ìrìn sílẹ̀ mọ́. Fóònù ló ń bá wọn ka á. Bí wọ́n bá dé iwájú pátákó gidi, tí adájọ́ ní kí wọ́n fi hàn níbi tí ojú pátákó ti wáyé nígbà kejì, wọn ò ní ìwé tí wọ́n máa ṣí.