Èlé oṣooṣù àti owó àfikún: bí ẹ ṣe máa mọ iye tó kù

“Mo yá 300,000 náírà ra ẹ̀rọ gàárì ní Kàbà, èlé 3% lóṣù, oṣù 6. Tí mo bá san lé e, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó kù?”

Ọ̀kún o. Ẹ ṣí Excel, A oṣù, B gbèsè, C èlé, D owó oṣù, E àfikún, F èyí tó kù. Ẹ tẹ 300000 sí B2, lẹ́yìn náà:

```
C2: =B2*3%
D2: =MIN(55379,B2+C2)
F2: =B2+C2-D2-E2
B3: =F2
```

55379 yẹn ni owó oṣù tó máa parí gbèsè yìí lóṣù 6. Ẹ wá fa B3, C2, D2 àti F2 wálẹ̀. Lóṣù kìíní èlé jẹ́ 9,000, ó ku 253,621, tí gàárì bá wá tà tẹ́ ẹ sì fi 50,000 lé e lọ́jọ́ yẹn, ó di 203,621, èlé oṣù kejì á wá jẹ́ 6,109.

Àmọ́ ẹ wo èlé oṣù kejì nínú ìwé àwọn tó yá yín lówó dáadáa o. Tó bá jẹ́ 7,609, wọ́n ti ka 50,000 yẹn sí owó oṣù tó ń bọ̀ nìyẹn, ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n yọ ọ́ lára ojú owó. Tó bá ṣì jẹ́ 9,000, orí gbogbo 300,000 ni wọ́n ń ṣírò èlé sí títí tó fi máa parí, 59,000 lẹ ó máa san lóṣù, àfikún ò sì ní dín èlé kankan kù, ẹ kúkú fi owó yẹn ra ẹ̀gẹ́.